Nọ́ńbà Tó Wà Nísàlẹ̀ Ìwé Mamógíráàmù

Ìwé èsì tí obìnrin máa ń gbà lẹ́yìn tó bá ya àwòrán ọyàn tí wọ́n ń pè ní mamógíráàmù kì í pọ̀: ojú ewé kan, ó pọ̀ tán, méjì. Òkè rẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀ àwọn dókítà, bí ẹran ọyàn ṣe rí, ohun tí wọ́n rí lápá òsì, ohun tí wọn kò rí lápá ọ̀tún. Àmọ́ ìlà kan wà nísàlẹ̀ tí ojú gbogbo ènìyàn máa ń sáré lọ bá. BI-RADS ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, nọ́ńbà kan á sì tẹ̀ lé e, láti orí 0 títí dé 6.

Nọ́ńbà yìí ti já ọ̀pọ̀ obìnrin láyà lásán. Ó sì ti fi àwọn mìíràn lọ́kàn balẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ọkàn wọn balẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé ẹni tó bá rí 4 á rò pé jẹjẹrẹ òun ti dé sitéèjì kẹrin. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Sitéèjì ń sọ ibi tí jẹjẹrẹ tí wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ràn dé nínú ara. BI-RADS kò mọ ìyẹn. Ohun méjì péré ló ń sọ: bí ohun tí dókítà rí nínú àwòrán ṣe fi ara jọ jẹjẹrẹ tó, àti ohun tó kàn tó yẹ kí wọ́n ṣe. Ẹni tí wọ́n kọ 4 fún lè má ní jẹjẹrẹ kankan lára, àwọn tí kò sì ní in ló pọ̀ jù nínú wọn.

Amẹ́ríkà ni ètò yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mamógíráàmù ń tàn kálẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1990, bó ṣe wu dókítà kálukú ló ń kọ ìwé èsì rẹ̀. Èyí lè kọ ọ́ pé ó jọ pé kò séwu, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Òmíràn á kọ ọ̀rọ̀ gígùn tí kò ní ìparí. Dókítà tó gba ìwé náà kò ní mọ̀ bóyá kí òun fi abẹ́ kàn án ni tàbí kí òun ní kí obìnrin náà máa lọ sílé. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ka àwòrán ara ní Amẹ́ríkà wá jókòó, wọ́n fi ẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n sì gbé ìwé ìlànà wọn àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1993. Ẹ̀dà karùn-ún jáde lọ́dún 2013. Òfin tó wà nídìí rẹ̀ ni pé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ìgbésẹ̀ kan dání. Lónìí, wọ́n ń lò ó káàkiri ayé, títí kan àwọn ọsibítù ńlá ilẹ̀ Yorùbá bíi ti yunifásítì ní Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ni wọ́n sì ń lò fún mamógíráàmù àti skáànù ọyàn.

Àwọn nọ́ńbà kan rọrùn láti lóye. 1 túmọ̀ sí pé dókítà kò rí ohunkóhun tó yẹ kó sọ. 2 túmọ̀ sí pé ó rí nǹkan, ṣùgbọ́n ohun tó rí náà kì í ṣe jẹjẹrẹ, ó sì dá a lójú. Ó lè jẹ́ àpò omi lásán, ó lè jẹ́ ọ̀rá tó dì jọ, ó sì lè jẹ́ kókó àtijọ́ tó ti gbẹ tó sì le. Ìgbésẹ̀ kan náà ló tẹ̀ lé 1 àti 2: kí obìnrin náà máa lọ sílé, kó sì padà wá nígbà tí àyẹ̀wò rẹ̀ mìíràn bá tó àkókò. Nọ́ńbà 6 náà kò le. Ẹni tí wọ́n ti yẹ ẹran ara rẹ̀ wò ní láàbù, tí wọ́n ti mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni, tó wá ń ya àwòrán mìíràn kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un tàbí nígbà tó ń gba oògùn, ni wọ́n ń kọ ọ́ fún.

Àwọn tó kù, 0, 3, 4 àti 5, ló ń fẹ́ àlàyé. Àpẹẹrẹ kan yóò jẹ́ kó yé ni.

Ká sọ pé obìnrin kan wà ní Ìbàdàn, ẹni ọdún 48, ká pè é ní Ìyá Ṣadé. Kò dùn ún, kò fọwọ́ kan kókó kankan. Àyẹ̀wò lásán ló wá ṣe, kò sì ṣe irú rẹ̀ rí. Wọ́n gbé ọyàn rẹ̀ sórí pèpéle ẹ̀rọ náà, wọ́n fi pátákó oníke kan tẹ̀ ẹ́ kó lè fẹ̀, wọ́n ya á látòkè, wọ́n sì ya á láti ẹ̀gbẹ́. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọyàn kejì. Àwòrán mẹ́rin nìyẹn. Nígbà tí dókítà tẹjú mọ́ wọn, ó rí ohun roboto kan nínú ọyàn òsì, lápá òkè lọ́wọ́ abíyá. Ó wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ mílímítà 9, kò tó erèé kan. Dókítà kò lè sọ ohun tó jẹ́, kò sì sí àwòrán àtijọ́ tó lè fi wé e. Ó kọ 0.

Òdo yìí kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan, kò sì túmọ̀ sí pé nǹkan ti bàjẹ́. Iṣẹ́ ni kò tíì parí. Dókítà ń sọ pé àwòrán mẹ́rin yẹn kò tó òun ṣe ìdájọ́, pé òun ń fẹ́ àwòrán sí i, tàbí àwòrán àtijọ́, tàbí méjèèjì. Ní Amẹ́ríkà, bí 1,000 obìnrin bá wá ṣe àyẹ̀wò lásán, nǹkan bí 100 ni wọ́n máa ń pè padà lọ́nà yìí. Nǹkan bí 5 péré ni wọ́n á bá jẹjẹrẹ lára wọn lẹ́yìn-ọ-rẹyìn. Ewu tó wà nínú 0 ni pé kí obìnrin má padà wá. Nọ́ńbà náà kò tíì dáhùn ìbéèrè tó gbé e wá, ẹni tó bá sì fi ìwé rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ kò tíì ṣe àyẹ̀wò tán.

Ìyá Ṣadé padà wá. Wọ́n tún ojú ibẹ̀ yà, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n fi pátákó kékeré tẹ ibi tí kókó náà wà nìkan. Lẹ́yìn náà wọ́n fi skáànù wò ó. Ojú skáànù yìí ni ọ̀nà ti pín sí mẹ́ta.

Bí inú ohun roboto náà bá dúdú pátápátá, tí ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì dán, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì mọ́lẹ̀, omi ló wà nínú rẹ̀. 0 á di 2, ọ̀rọ̀ sì parí. Bí ó bá jẹ́ ẹran ló wà nínú rẹ̀, àmọ́ tí ó rí bí ẹyin, tí ó dùbúlẹ̀ sí ìbú ọyàn, tí etí rẹ̀ dán yí ká, ó jọ irú kókó tí wọ́n ń pè ní faibroadẹnómà, èyí tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. 0 á di 3. Ṣùgbọ́n bí etí rẹ̀ bá rí ṣákaṣàka, tí ó nà ró dípò kó dùbúlẹ̀, tí òjìji dúdú sì wà lẹ́yìn rẹ̀, 0 á di 4 tàbí 5.

Ti Ìyá Ṣadé jẹ́ èkejì. Wọ́n kọ 3 fún un, wọ́n sì ní kó padà wá lóṣù mẹ́fà òní.

Nọ́ńbà 3 yìí ni àwọn ènìyàn kì í gbà gbọ́ bọ̀rọ̀. Bí dókítà kò bá dá ohun tó rí lójú, kí ló dé tí kò mú abẹ́rẹ́ kó yọ ẹran níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀? Ìdí ni pé àǹfààní pé jẹjẹrẹ ni kò ju 2 nínú 100 lọ. Ẹni tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dájú ni dókítà Edward Sickles ti Yunifásítì Kalifọ́níà ní Sán Fránsísíkò. Lọ́dún 1991, ó tẹ èsì iṣẹ́ rẹ̀ jáde lórí 3,184 irú ohun báyìí, tí òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kò gé, tí wọ́n kàn ń ya àwòrán wọn láti ìgbà dé ìgbà. Nínú gbogbo wọn, 17 ló wá já sí jẹjẹrẹ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n bá àwọn 17 náà, nígbà tí ìtọ́jú ṣì rọrùn. Dídúró kò pa wọ́n lára, ó sì gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ tí wọn kò nílò.

Àmọ́ iṣẹ́ yẹn kò ní láárí bí kò bá ṣe pé àwọn obìnrin náà ń padà wá. Bí wọ́n sábà máa ń ṣe é nìyí: lóṣù kẹfà, wọ́n á ya ọyàn tí ọ̀rọ̀ kàn nìkan. Lóṣù kejìlá, wọ́n á ya méjèèjì. Nígbà tó bá pé ọdún méjì sí ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n á tún ya méjèèjì. Bí ohun náà bá wà bó ṣe wà, dókítà á sọ ọ́ di 2, Ìyá Ṣadé á sì padà sẹ́nu àyẹ̀wò bíi ti gbogbo ènìyàn. Bí ó bá kéré sí i tàbí tó pòórá, ó parí nìyẹn. Bí ó bá sì tóbi sí i gan-an, tàbí etí rẹ̀ tó dán tẹ́lẹ̀ wá di ṣákaṣàka, wọn kò ní dúró de ọdún kejì mọ́. 3 á di 4 lọ́jọ́ náà, wọ́n á sì yọ ẹran rẹ̀ wò.

Ẹ̀rù lè ba obìnrin tó padà lọ lóṣù kẹfà tó tún rí 3 lórí ìwé rẹ̀. Kò yẹ kó bà á. 3 lẹ́ẹ̀kejì túmọ̀ sí pé nǹkan kò yí padà, pé àsìkò tí wọ́n dá ni kò tíì pé. Ohun tó yẹ kó bí ènìyàn léèrè ni 3 tí wọ́n kọ lórí àwòrán mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan, láìṣe skáànù, láìtún ojú ibẹ̀ yà. Ìlànà kò fàyè gba ìyẹn. 0 ló yẹ kó kọ́kọ́ wá, kí wọ́n wò ó dáadáa, kí wọ́n tó lè sọ pé ó ṣeé dúró dè.

Àwọn kan sì wà tí dídúró kò bá mu. Ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò lè dí lọ́wọ́ láti padà wá. Ẹni tó fẹ́ lóyún. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lè balẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ó tọ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ síta níwájú dókítà, torí dókítà lè gbà láti yọ ẹran ibẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan náà. Fún obìnrin tí kò dájú pé yóò lè padà, èyí sàn ju pé kó gbà láti wá kó má sì wá.

Nígbà tó bá di 4, dídúró ti tán. Wọ́n pín 4 sí mẹ́ta. 4A ni èyí tí àǹfààní pé jẹjẹrẹ ni ju 2 lọ nínú 100 ṣùgbọ́n tí kò ju 10 lọ. 4B wà láàárín 10 sí 50. 4C ju 50 lọ ṣùgbọ́n kò tó 95. 5 sì jẹ́ 95 sókè. Àlàfo tó wà láàárín 4A àti 4C gbòòrò gan-an, ìdí nìyẹn tí obìnrin tó bá rí 4 lásán lórí ìwé rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ béèrè lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ ìgbésẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: kí wọ́n yọ ẹran díẹ̀ níbẹ̀ lọ sí láàbù. Òun ni wọ́n ń pè ní báyọ́psì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ abẹ ńlá ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà á dùbúlẹ̀, dókítà á gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú, á wá dá ihò kékeré kan sí awọ ara. Ihò yẹn ni abẹ́rẹ́ báyọ́psì á gbà wọlé, tí dókítà á sì máa wo orí rẹ̀ lójú skáànù bó ṣe ń lọ bá kókó náà. Abẹ́rẹ́ náà ní irin tó ń ta pàá bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ó sì ń gé ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn kúkúrú jáde. Wọ́n á gé e bí ìgbà mélòó kan. Bí ó bá ṣe pé àmì funfun wínníwínní tó dà bí èérún iyọ̀ ni wọ́n ń wá, tí skáànù kì í sábà rí, ẹ̀rọ mamógíráàmù ni wọ́n á fi tọ́ abẹ́rẹ́ sọ́nà. Wọ́n á sì ya àwòrán ẹran tí wọ́n yọ fúnra rẹ̀, kí wọ́n rí i pé èérún náà wà nínú rẹ̀, kí ó tó kúrò ní yàrá yẹn. Lọ́jọ́ náà gan-an ni obìnrin náà á lọ sílé.

Ẹni tó gba 5 náà gbọ́dọ̀ ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dókítà lójú. Àwòrán kò lè sọ irú jẹjẹrẹ tó jẹ́, kò lè sọ bóyá họ́mónù ara obìnrin ló ń bọ́ ọ, orí ohun wọ̀nyí ni wọ́n sì ń gbé ìtọ́jú kà. Ẹni tí wọ́n bá gé ọyàn rẹ̀, tàbí tí wọ́n fún ní oògùn jẹjẹrẹ, nítorí àwòrán nìkan, wọ́n ti fo ìgbésẹ̀ kan tí kò ṣeé fò.

Èsì báyọ́psì náà kò parí ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Dókítà tó ka àwòrán gbọ́dọ̀ gbé èsì láàbù sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tó kọ, kó wò ó bóyá wọ́n bára mu. Bí ó bá kọ 4A, tí láàbù ní faibroadẹnómà ni, wọ́n bára mu, ọkàn lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ 5, tí láàbù ní ẹran ọyàn lásán ni àwọn rí, wọn kò bára mu. Ohun tó ṣeé ṣe jù ni pé abẹ́rẹ́ tàsé. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe, tàbí kí oníṣẹ́ abẹ yọ kókó náà jáde fún àyẹ̀wò. Ibi yìí ni ewu ti máa ń wọlé fún àwọn obìnrin kan: láàbù ní kò sí jẹjẹrẹ, ayọ̀ gba ilé kan, kò sì sẹ́ni tó béèrè ìdí tí àwòrán fi sọ ohun mìíràn.

Lẹ́tà mìíràn tún wà lórí ìwé náà tí kò yẹ kí wọ́n dà pọ̀ mọ́ 4A, 4B àti 4C. A, B, C tàbí D ni, ó sì ń sọ bí ẹran ọyàn ṣe ki tó. A ni ọyàn tó jẹ́ kìkì ọ̀rá, D ni èyí tó ki jù lọ. Ẹran tó ki máa ń funfun nínú mamógíráàmù, jẹjẹrẹ náà sì máa ń funfun. Wíwá a nínú ọyàn D dà bí wíwá fọ́nrán òwú funfun nínú ẹrù òwú. Àwọn obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ni ọyàn wọn sábà máa ń ki. Ìdí nìyí tí 1 lórí ọyàn C tàbí D kò fi lágbára tó 1 lórí ọyàn A, tí dókítà sì lè ní kí wọ́n fi skáànù kún un.

Ó tún mú wa dé ibi tí nọ́ńbà kékeré ti lè tanni jẹ. Bí obìnrin bá fọwọ́ kan kókó lọ́mú, tàbí tí awọ ọyàn rẹ̀ ń wọnú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lórí ọmú, tí mamógíráàmù sì sọ pé 1, kókó náà kò tíì rí ìdáhùn. Mamógíráàmù kì í rí gbogbo jẹjẹrẹ. Kí wọ́n fi skáànù wo ojú ibẹ̀ gan-an, bí ìfura bá sì kù, ọwọ́ dókítà tó fọwọ́ kàn án lágbára ju nọ́ńbà lọ. Ó lè ní kí wọ́n ṣe báyọ́psì bí ìwé tilẹ̀ sọ pé kò sí nǹkan.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn ẹbí tó pín sí Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n máa ń ka ìwé ara wọn lórí fóònù. Àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nọ́ńbà tiwọn, láti 1 dé 5. M ló máa ń ṣáájú rẹ̀ fún mamógíráàmù, U fún skáànù. 1, 2, 4 àti 5 sún mọ́ ti Amẹ́ríkà. 3 kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. M3 tàbí U3 ní Lọ́ńdọ̀nù túmọ̀ sí pé wọn kò lè sọ ohun tó jẹ́ gan-an, wọ́n sì sábà máa ń yọ ẹran ibẹ̀ wò láìdúró fún oṣù mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n tó gba BI-RADS 3 ní Hústọ̀n kò gbọ́dọ̀ sọ fún àbúrò rẹ̀ tó gba U3 ní Pẹ́kámù pé kó fọkàn balẹ̀, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sọ fún òun.

Kí obìnrin tó bá gba ìwé rẹ̀ má kúrò ní ọsibítù láì ní ọjọ́ tó kàn lọ́wọ́: ọjọ́ àwòrán míì bó bá jẹ́ 0, ọjọ́ oṣù kẹfà bó bá jẹ́ 3, ọjọ́ báyọ́psì bó bá jẹ́ 4 tàbí 5. Kó sì gba àwòrán rẹ̀ sórí sídíì, kó tọ́jú ìwé èsì mọ́ ọn, kó máa gbé e lọ sí ọsibítù yòówù tó bá fẹ́ lọ. Láìsí àwòrán ti tẹ́lẹ̀, dókítà tuntun kò lè mọ̀ bóyá mílímítà 9 náà ti wà látọjọ́ pípẹ́ tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni.